Ẹnu, ìwé, fóònù tàbí àpótí: èwo ló máa jẹ́ kí àwọn tó wá síbi ètò yín sọ òótọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ètò kan tí irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Kétu: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan fún àwọn ìyá tó ń yan gààrí. Ká ní obìnrin 120 ló wá. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú ló pè wọ́n, olùkọ́ kan wá láti Kùtọnu, wọ́n jẹun ọ̀sán, oníkálukú gba owó ọ̀nà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n túká. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, àti ohun tí wọ́n máa yí padà. Báwo ló ṣe máa béèrè tí gbogbo ènìyàn kò fi ní kàn sọ pé "ó dáa, ẹ kú iṣẹ́"?

Ẹ má pe "ẹ kú iṣẹ́" yẹn ní irọ́ o, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹni tó jẹ oúnjẹ yín, tó gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ yín, tí ọmọ yín wá dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti báírò, kí lẹ fẹ́ kó wí? Ìyá kan lè sọ pé "Ọmọ mi, ó dára púpọ̀, Ọlọ́run á san án fún yín," kó tó dé ìdí ọ̀kadà kó sì máa sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan, Faransé ni olùkọ́ ń sọ, ẹni tó ń túmọ̀ sì ń fò ó jẹ. Ọ̀rọ̀ ìdí ọ̀kadà yẹn ni akọ̀wé ń wá. Ọ̀nà tí a gbà béèrè, àti ẹni tó máa rí ìdáhùn, ló ń pinnu bóyá yóò dé ọwọ́ wa. Ìyẹn ni mo fi ń gbé ọ̀nà ṣáájú ìbéèrè nínú ìfiwéra yìí.

| Ọ̀nà | Àwọn tó máa dáhùn | Ẹni tó máa mọ ohun tí wọ́n sọ | Ibi tó kù sí |
|---|---|---|---|
| Ìbéèrè lójúkojú | Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tí ẹ bá bi | Ẹni tó béèrè, àti ẹni tó wà nítòsí | Ìyìn máa ń pọ̀ jù |
| Ìwé ìbéèrè | Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà | Ẹni tó bá dá ìkọ̀wé wọn mọ̀ | Àwọn yòókù á ní kí ẹlòmíì bá àwọn kọ ọ́ |
| Fọ́ọ̀mù tàbí ìdìbò orí wáàsáàpù | Àwọn tó ní fóònù àti dátà, tó sì wù | Ó wà lọ́wọ́ bí ẹ ṣe tò ó | Àwọn tó dákẹ́ máa ń pọ̀ |
| Àpótí àti hóró àgbàdo tàbí ẹ̀wà | Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tó wá | Kò sí | Kì í sọ ìdí |

Mi ò ní pẹ́ lórí ojúkojú àti ìwé. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ béèrè lẹ́nu, ẹni tó máa béèrè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó pín oúnjẹ, kó sì dáa kó jẹ́ obìnrin tó wá láti ibòmíì, bíi Pọ́bẹ̀ tàbí Sakété, tí kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ti ìwé ní tirẹ̀, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn: ìyá mẹ́fà á pé lórí ọ̀dọ́bìnrin kan tó kàwé, ọ̀dọ́bìnrin náà á sì fi ọwọ́ kan náà sàmì sí ìwé méjèèje. Bí ẹ bá rí ìwé tí àmì wọn jọra tí báírò wọn sì jọra, ìdáhùn ẹnì kan lẹ ń kà.

Fóònù àti àpótí ni ìjà gidi wà láàárín wọn, torí pé fóònù ni gbogbo ènìyàn ń sáré sí báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Akọ̀wé fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí wáàsáàpù lọ́jọ́ kejì. Nínú 120, ẹni 31 dáhùn, 29 nínú wọn ní ètò náà dára. Akọ̀wé lè kọ ọ́ sínú ìròyìn pé nínú ọgọ́rùn-ún, 94 ni inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n 89 kò sọ nǹkan kan. Bí inú gbogbo àwọn 89 yìí kò bá dùn, ẹni 29 nínú 120 péré ni inú wọn dùn, ìyẹn 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí inú gbogbo wọn bá dùn, 118 nínú 120 ni, ìyẹn 98. Òótọ́ wà níbì kan láàárín 24 sí 98, fọ́ọ̀mù yẹn kò sì lè sọ ibi tó wà. Ohun tó tún burú ni pé àwọn tó dákẹ́ kò jọ àwọn tó dáhùn. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé tí olùkọ́ ń sọ náà ni kò lè ka fọ́ọ̀mù tí a fi Faransé kọ. Ìṣòro tí ẹ ń wá gan-an ló ti àwọn tó ní ìṣòro náà mọ́ ìta.

Ìdìbò tí wọ́n ń ṣe nínú gúrúùpù wáàsáàpù tún ní àléébù tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá tẹ èsì ìdìbò náà máa rí orúkọ àwọn tó mú èyí àti àwọn tó mú tọ̀hún. Ààrẹ ẹgbẹ́ wà nínú gúrúùpù yẹn, ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ tẹ "kò dára"? Tó bá gbọ́dọ̀ jẹ́ fóònù, fọ́ọ̀mù tó ní líǹkì tirẹ̀ sàn ju ìdìbò inú gúrúùpù lọ, kí ẹ sì rí i pé kò gba àdírẹ́sì ímeèlì, kò béèrè orúkọ, kò sì béèrè àdúgbò pẹ̀lú ọjọ́ orí papọ̀, torí pé àwọn méjì yẹn tó láti fi mọ ẹni tó kọ ọ́ ní ìlú kékeré.

Ẹ wá wo àpótí. Wọ́n fún oníkálukú ní hóró àgbàdo kan àti hóró ẹ̀wà kan. Àgbàdo túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wà túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta, àpótí kan wà tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ìbéèrè, àpò kan sì wà fún ìyókù. Wọ́n fi aṣọ bo ẹnu àwọn méjèèjì débi pé ọwọ́ nìkan ló lè wọlé. Obìnrin náà á ju hóró kan sínú àpótí, á ju èkejì sínú àpò, á sì jáde lọ́wọ́ òfo. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ọwọ́ rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Ẹ tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ àpótí, torí ìró. Ní Gámbíà, níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta gíláàsì róbótó dìbò, ìró ni wọ́n dìídì ń fẹ́: òkúta á lu agogo nínú ìlù, bí agogo bá sì dún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ju méjì. Ní tiwọn, ìlù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti olùdíje kan, òkúta kò sì yàtọ̀ síra wọn. Ní tiwa, hóró méjì tó yàtọ̀ ni, etí tó mú lè mọ èyí tó bọ́ sínú páálí gbígbẹ. Aṣọ ló máa pa ìyẹn.

Báwo la ṣe máa wá mọ ẹni tó ju méjì? Àpò ìyókù ló máa sọ. Ká ní ẹni 112 ló gba ẹ̀yìn aṣọ kọjá, tí a sì ka àgbàdo 70 àti ẹ̀wà 42 nínú àpótí. Inú àpò gbọ́dọ̀ jẹ́ òdìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́: àgbàdo 42, ẹ̀wà 70. Bí àpótí bá ní hóró 115 tí àpò sì ní 109, ó kéré tán ẹni mẹ́ta ló ju méjèèjì sínú àpótí. Bí àròpọ̀ àwọn méjèèjì kò bá pé 224, ẹnì kan mú hóró lọ sílé. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí owó rẹ̀ kéré tó báyìí tó ń yẹ ara rẹ̀ wò fúnra rẹ̀.

Ẹ fi ìṣirò ẹ̀ẹ̀kan yẹn wọ̀n ọ́n. Ẹni 70 nínú 112 ní ètò náà wúlò fún àwọn. Ẹni mẹ́jọ ni kò jù nǹkan kan. Bí inú àwọn mẹ́jọ bá dùn tàbí kò dùn, òótọ́ wà láàárín 70 àti 78 nínú 120, ìyẹn 58 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́mbà yìí kò dùn ún gbé sínú ìròyìn bíi 94, ṣùgbọ́n òun ni ẹ lè fi ṣe ìpinnu.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń lo àpótí sábà máa ń fò. Kí ìbéèrè gidi tó dé, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn mọ ìdáhùn rẹ̀: "Ṣé Kétu la wà lónìí?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀yìn aṣọ kọjá fún ìyẹn ná. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àgbàdo, àlàyé yín ti yé wọn. Bí ẹ̀wà mẹ́sàn-án bá yọ nínú 112, ẹ mọ̀ pé, ó kéré tán, nǹkan bí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ń jù ú láì mọ èyí tí wọ́n ń jù, kí ẹ tún àlàyé ṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ má sì fi òkúta dípò ẹ̀wà. Mo ti rí ibi tí àgbàlagbà ti kọ̀ jálẹ̀ pé òun kì í sọ òkò lu ẹni tó gba òun lálejò.

Tó bá ń ṣe àwọn kan bíi pé àpótí jẹ́ nǹkan àjèjì, ẹ rán wọn létí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀fẹ̀ á jáde lóru, á da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí ẹni tó bá yẹ, láìka ipò rẹ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó máa mú un, torí pé abẹ́ ẹ̀kú ló ti ń sọ̀rọ̀. Kétu ti mọ̀ tipẹ́ pé tí a bá bo ojú ẹni, ẹnu rẹ̀ á là.

Owó ọ̀nà ni ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń ba ìdáhùn jẹ́. Bí ẹ bá béèrè kí ẹ tó pín owó, gbogbo ènìyàn á yìn yín, torí pé owó wọn ṣì wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá pín owó tán kí ẹ tó béèrè, ìdajì á ti gun ọ̀kadà. Ìlànà tí mo máa yàn ni kí owó ṣáájú, kí àpótí tẹ̀ lé e, kí oúnjẹ tí wọ́n dì sínú ike wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Ẹni tó ń pín hóró kò gbọ́dọ̀ mú lísìtì orúkọ dání, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó pín owó. Kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ketekete pé ẹni tí kò bá fẹ́ ju hóró á gba oúnjẹ tirẹ̀ bákan náà.

Àpótí kò gbà ju ìbéèrè mẹ́ta lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìlà á gùn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da hóró sínú àkọ́kọ́ tí wọ́n bá kàn. Èyí ló jẹ́ kí ìbéèrè ṣòro yàn. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn kan jẹ́ ti àpótí, àwọn yòókù jẹ́ ti ẹnu tàbí fóònù.

| Èyí tó ń fa ìyìn | Èyí tó ń fa òótọ́ |
|---|---|
| Ṣé ètò náà dùn mọ́ yín? | Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa san owó ọ̀nà, ṣé ẹ máa padà wá? |
| Ṣé olùkọ́ àti oúnjẹ dára? | Ṣé ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ? (oúnjẹ ní àpótí tirẹ̀) |
| Ṣé ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀? | Ọjọ́ mélòó ni olùkọ́ ní kí ẹ̀gẹ́ rírin gbé nínú àpò kí a tó yan án? |
| Kí ni kò dáa nínú ètò wa? | Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: kí ni kí a má tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? |
| Ṣé inú yín dùn? | Àwọn tí ẹ jọ jókòó, kí ni wọ́n ń ráhùn lé lórí? |

Ìlà àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù fún àpótí, torí pé owó àpò ẹni ló fi wọ̀n ọ́n. Ìlà kejì jẹ́ ti àṣìṣe tí a máa ń ṣe láìfura: ẹni tí oúnjẹ tẹ́ lọ́rùn tí kò sì gbọ́ olùkọ́, hóró wo ni kó jù? Ìlà kẹta kò béèrè ìmọ̀lára rárá, ó ń dán ohun tó wọlé wò, ẹnu nìkan la sì lè fi béèrè rẹ̀. Bí ogún ènìyàn bá sọ ọjọ́ márùn-ún tó yàtọ̀ síra, olùkọ́ kò yé wọn, bó ti wù kí wọ́n yìn ín tó. Ìlà kẹrin ń lo ohun tí àgbàlagbà kò lè kọ̀: ó lè kọ̀ láti bú yín, ṣùgbọ́n kò ní kọ̀ láti gbà yín nímọ̀ràn. Ìlà karùn-ún lágbára, ẹ sì ṣọ́ra fún un. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn sọ tirẹ̀ lórí orúkọ ẹlòmíì, ṣùgbọ́n òfófó náà lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má ka iye ẹni tó sọ nǹkan kan níbẹ̀ sí ẹ̀rí, ẹ kàn gbọ́ ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí.

Ibi tí mo máa ń bá àwọn tó kàwé jiyàn ni máàkì. Wọ́n fẹ́ràn ìbéèrè kan tí Fred Reichheld gbé jáde ní 2003: láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé ẹ máa sọ fún ọ̀rẹ́ yín kó wá? Ẹni tó bá mú 9 tàbí 10 ni wọ́n kà sí olùpolongo, 7 àti 8 wà láàárín, ẹni tó bá mú 6 lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n kà sí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn. Ẹ wá rántí ilé ẹ̀kọ́ wa. Orí ogún la ti ń gba máàkì. Mẹ́wàá ni ẹni tó yege, 12 dáa díẹ̀, 14 dáa, 16 dáa gan-an. Ta la rí tó gba 18 láàárín wa? Ẹni tó dàgbà sínú ìwọ̀n yẹn tó bá fún yín ní 7 nínú mẹ́wàá, 14 lórí ogún ló fún yín, ìyìn ńlá ni lọ́kàn rẹ̀. Ìṣirò yẹn á sọ ọ́ di ẹni tí kò gbóná, kò tutù. Ẹni tó fún yín ní 6, ìyẹn 12 lórí ogún, á di ọ̀tá yín. Bí ẹ bá ń fi ètò Kétu wé ètò tí wọ́n ṣe ní Èkó, níbi tí máàkì ọgọ́rùn-ún ti wọ́pọ̀, ìfiwéra náà kò ní gún. Ẹ lò ó tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ètò yín ti èṣí ni kí ẹ fi wé ti ọdún yìí, láàárín àwọn ènìyàn kan náà.

Àpótí sọ fún wa pé ẹni 42 kò rí i bí èyí tó wúlò. Kò sọ ìdí. Ibẹ̀ ni fóònù ti padà wúlò, kì í ṣe fọ́ọ̀mù, ìpè ni. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí wọ́n bá ti yan gààrí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ mú lísìtì àwọn 120, ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan fa nọ́mbà kan láti 1 dé 6, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ sì máa mú ẹni kẹfà, ẹni kẹfà. Ogún ènìyàn ni yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ kò sì ní lè yan ọ̀rẹ́ yín. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ ń lo ohun tí ẹ kọ́?" Ẹ bi wọ́n pé: "Èyí tí ẹ yan kẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ló lò nínú àpò?" Ìdáhùn sí ìyẹn máa ń yára jáde, kò sì sí ìyìn nínú rẹ̀.

Ẹ má sọ ogún yìí di ìdá ọgọ́rùn-ún. Pẹ̀lú ogún ènìyàn, èsì lè fi nǹkan bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún yà kúrò lójú òótọ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Àpótí ni ẹ ó ti mú iye, ìpè ni ẹ ó ti mú ìdí. Kí ẹ sì ti gba àṣẹ wọn lọ́jọ́ ètò pé ẹ máa pè wọ́n: nọ́mbà fóònù ènìyàn wà lábẹ́ òfin 2017-20 ti Bẹ̀nẹ̀, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, ló sì ń mójú tó o.

Kì í ṣe gbogbo ètò ló nílò àpótí. Bó bá jẹ́ àpérò àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní yunifásítì ní Àjàṣẹ́, tí gbogbo wọn mú fóònù lọ́wọ́, fọ́ọ̀mù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá, Gùn àti Faransé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kún un kí wọ́n tó dìde lórí àga, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Ìdájọ́ rẹ̀ rọrùn: ẹ ka orí tó wà nínú yàrá, ẹ ka ìdáhùn tó wọlé. Bí ìdáhùn kò bá tó mẹ́jọ nínú orí mẹ́wàá, ẹ kọ iye àwọn tó dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ èsì yín nígbà gbogbo.

Ní Sábẹ̀ẹ́, tí àwọn tó wá bá ti tú ká sí oko tó jìnnà, wọn kò ní padà wá torí ìbéèrè yín, fóònù sì lè máà gbá níbẹ̀. Àpótí lọ́jọ́ ètò náà ni, kí ẹ wá bá wọn lọ́jà lọ́jọ́ ọjà fún ìdí, kí ẹni tó ń béèrè má sì wọ aṣọ ẹgbẹ́.

Tí àwọn tó wá kò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé àpótí jù sílẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́sàn-án, bí ẹ̀wà kan ṣoṣo bá yọ, gbogbo ojú á yí sọ́dọ̀ ìyá tó dákẹ́ láti àárọ̀, bí kì í tiẹ̀ ṣe òun. Ẹ rán ẹnì kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ lọ kí wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má kọ nǹkan kan sílẹ̀ lójú wọn, kó sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó jábọ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.